Èésú àti Àjẹṣẹ́kù: 180,000 Méjì

Owó tí mo fi ń ṣe fídíò ni mo ń wá. Mo wọ èésú ẹlẹ́ni mẹ́wàá, 20,000 náírà lóṣù. Ẹni tó kọ́kọ́ kó 200,000 ti yáwó láìsan èlé. Èmi tí mo gbẹ̀yìn ni mo ń yá wọn lówó! Lóṣù keje, ẹnìkan tó ti kó tiẹ̀ pa fóònù rẹ̀. 180,000 ló kàn mí.

Mo lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Mo ti fi 100,000 pamọ́ síbẹ̀, wọ́n yá mi ní ìlọ́po méjì. Wọ́n yọ èlé 20,000 ṣáájú: 180,000 náà ni, àmọ́ wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Oníduùró méjì ló buwọ́ lùwé. Bí n kò bá san, nínú owó tiwọn ni wọ́n á ti yọ ọ́.

Ní báyìí, kí n tó gba nọ́ńbà nínú èésú, mo máa ń bèèrè ẹni tó máa dí i bí ẹnìkan bá sá.