Májẹ̀mú Láìsí "Bí": Ọ̀rọ̀ Lórí Àfi, Níwọ̀n Ìgbà Tí, àti À Bá Mọ̀



Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni Yorùbá fi ń sọ májẹ̀mú, "bí" ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń kọ́ wọn ní ilé-ìwé. Èrò tèmi ni pé "bí" kọ́ ni òpó ilé yìí. Ọ̀pọ̀ májẹ̀mú tí a ń dá lójoojúmọ́ ni kò ní "bí" nínú rárá. Ohun tí a óò bá nínú púpọ̀ nínú wọn ni wúnrẹ̀n kékeré kan, "bá". Àwọn onímọ̀ wa ti kọ̀wé púpọ̀ lórí àwọn wúnrẹ̀n tí ó ń ṣaájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti ọdún 1966, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, ọmọ Òkè-Àgbè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú tirẹ̀ ti ọdún 1978. Èmi kò wá tún iṣẹ́ wọn ṣe. Ohun tí mo fẹ́ ni kí a wo bí ìtumọ̀ ṣe ń yí nígbà tí a bá gbé "bí" kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ó sún mọ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní onílé kan ní Ìjàpọ̀ yìí fẹ́ kọ ìwé àdéhùn fún ayálégbé rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Gbólóhùn kìíní tí ó kọ nìyí: "A kò ní gba ilé lọ́wọ́ ayálégbé àfi bí kò bá san owó." Òtítọ́ ni pé "bí" ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "àfi" ni ó ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ "àfi" ni pé ó ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó wá ṣí ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀. "A kò ní gba ilé" ti ilẹ̀kùn. Àìsanwó ni ilẹ̀kùn tí ó ṣí. Níbí ni akọ̀wé tí kò fara balẹ̀ ti ń ṣìnà. Ó lè kọ pé: "A kò ní gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ àfi bí ó bá san owó." Ní ojú rẹ̀, owó sísan ni ó ń dáàbò bo ayálégbé, nítorí náà ó fi owó sísan síbẹ̀. Ohun tí ó sọ gan-an ni pé ẹni tí ó bá sanwó nìkan ni a óò lé jáde! Ọ̀nà tí a fi lè dán an wò rọrùn. Kí a yọ "àfi" kúrò, kí a sì sọ olórí gbólóhùn náà láìsí "kò": "A óò gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá san owó." Bí èyí bá bá èrò wa mu, gbólóhùn wa dára.

Ẹ tún kíyè sí i pé tí "kí" bá tẹ̀ lé "àfi", ọ̀rọ̀ kúrò ní májẹ̀mú, ó di ọ̀ranyàn. "Àfi kí o san owó náà" kò fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti yàn.

Gbólóhùn kejì nínú ìwé náà ni: "Ayálégbé lè máa gbé inú ilé náà níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń san owó rẹ̀." Kò sí "bí" níbí rárá, májẹ̀mú sì dúró gbọn-in. Ẹ jẹ́ kí a yí ohun kékeré kan padà: "níwọ̀n ìgbà tí ó ti san owó rẹ̀". Májẹ̀mú ti lọ. Ìdí ni ó kù: ó ti sanwó, nítorí náà kí ó máa gbé ibẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ń so ẹ̀tọ́ ayálégbé mọ́ ohun tí yóò máa ṣe lóṣooṣù. Èkejì ti fún un ní ẹ̀tọ́ náà tán. "Níwọ̀n ìgbà tí" kò yí padà. "Bá" ni ó jáde, tí "ti" sì wọlé. Ẹ̀rí wa nìyí pé "bá" ni ó gbé májẹ̀mú náà dání.

Ẹ̀kẹta kò ní gbà wá ní àkókò: "Ó lè gbin ewébẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó ṣáà má dí ojú àgbàrá." Onílé yọ̀ǹda, ó sì fi ohun kan ṣoṣo dè é. "Kí" àti "ṣáà" ni ó so ìdè náà. Májẹ̀mú ìyọ̀ǹda kò nílò "bí", kò tilẹ̀ nílò "bá", nítorí àṣẹ ni ó wà nínú rẹ̀.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ó kù. Òjò rọ̀, òrùlé ń jò, ayálégbé sì figbe ta: "Ǹ bá mọ̀ pé òrùlé yìí ń jò, ǹ bá má san owó mi!" Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá fẹ́ sọ irú èyí láìlo ọ̀rọ̀ májẹ̀mú rẹ̀ ní láti gbé ọ̀rọ̀ arannilọ́wọ́ ṣíwájú olùwà. Yorùbá kò gbé ohunkóhun kúrò ní ipò rẹ̀. Ohùn ni ó ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ gbọ́: "bí a bá mọ̀", ohùn àárín ni ó wà lórí "a"; a lè wá mọ̀, a sì lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n "à bá mọ̀", ohùn ìsàlẹ̀ ni. A kò mọ̀, ó sì ti bọ́. Bákan náà ni "ǹ bá", "ò bá", "ẹ̀ bá". "Wọn" ní tirẹ̀ fi "ì" hàn gbangba: "wọn ì bá". Ìyàtọ̀ àárín ohun tí ó ṣì lè ṣẹ àti ohun tí kò ṣẹ wà lórí fáwẹ́lì kan.

Nígbà tí "bá" wà ní apá méjèèjì báyìí, báwo ni a ṣe mọ èyí tí ó jẹ́ májẹ̀mú? Ipò ni ó ń sọ. Apá tí ó ṣaájú ni májẹ̀mú, èyí tí ó tẹ̀ lé e ni àbájáde. Bí apá kan bá dá dúró, ó lè di ẹ̀bi tí a gbé ka orí ẹlòmíràn: "Ò bá ti sọ fún mi!" Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun àná nìkan ni a ń fi irú rẹ̀ sọ. "Ì bá wù mí kí ẹ wá lọ́la" jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí a fi ọ̀wọ̀ bò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìwé títẹ̀ nìyí. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé wa kì í ní àmì ohùn. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, "o ba" lè jẹ́ "ó bá", ó sì lè jẹ́ "ò bá". Níbi tí "bí" bá wà, ojú lè fi í ṣe atọ́nà. Níbi tí kò sí, àmì ohùn nìkan ni òǹkàwé ní. Ẹni tí ó bá ń kọ àdéhùn tàbí ẹ̀rí ilé-ẹjọ́ ní Yorùbá, kí ó fi àmì sí gbólóhùn májẹ̀mú rẹ̀, ó kéré tán.

Àwọn baba wa ti rí agbára gbólóhùn yìí. Wọ́n mú "à bá mọ̀" odidi, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, "àbámọ̀", wọ́n sì fi pòwe pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nínú ọ̀rọ̀-orúkọ yẹn, "à" olóhùn ìsàlẹ̀ ṣì wà, "bá" náà ṣì wà. Apá àbájáde nìkan ni a kò rí, nítorí pé olúkúlùkù ni yóò fi tirẹ̀ sí i.