Bọ́ọ̀lù Tó Ń Gba Abẹ́ Nẹ́ẹ̀tì Kọjá

[Ohùn: ariwo àwọn ọmọ ilé ìwé lórí pápá. Fèrè olùkọ́ dún lẹ́ẹ̀mejì. Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.]

OLÙSỌ: Bí agogo eré ìdárayá bá lù nílé ìwé girama, tí olùkọ́ sì ní fólíbọ́ọ̀lù ló kàn, àwọn ọmọ kan ti mọ ibi tí wọn yóò jókòó sí. Ẹni tí kò ríran àti ẹni tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré, abẹ́ igi ni wọ́n ń lọ. Bí olùkọ́ bá ṣàánú wọn, á ní kí wọ́n máa ka àmì ayò. Wọ́n á gba máàkì ní ìparí táàmù, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò ní kan bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì kan tó ní ọmọ mẹ́rìndínlógún, ká wo bí gbogbo wọn ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù náà. Ọ̀kan nínú wọn kò ríran rárá. Ọ̀kan jẹ́ àfín, ojú rẹ̀ kì í gba oòrùn, kì í sì í rí ohun tó bá jìnnà. Ẹ̀kẹta ń fi ọ̀pá méjì rìn. Àwọn mẹ́tàlá yòókù ń sá, wọ́n ń fò bó ṣe wù wọ́n.

[Ohùn: ìlù kékeré, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.]

OLÙSỌ: Ohun tí olùkọ́ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kó ní kí gbogbo wọn jókòó sílẹ̀, àtẹni tó ń fò, àtẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Orílẹ̀-èdè Netherlands ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fólíbọ́ọ̀lù àjókòó, lọ́dún 1956. Ó wọ ìdíje Paralympics àwọn ọkùnrin ní Arnhem lọ́dún 1980, ti àwọn obìnrin sì tẹ̀ lé e ní Athens lọ́dún 2004. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, àwọn obìnrin Rwanda gbá a ní Rio lọ́dún 2016.

Pápá fólíbọ́ọ̀lù tí a mọ̀ gùn ní mítà 18, ó sì fẹ̀ ní mítà 9. Ti àjókòó gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 6. Góńgó nẹ́ẹ̀tì kò ga ju mítà 1.15 lọ fún ọkùnrin, 1.05 fún obìnrin. Ilé ìwé tí kò bá ní nẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lè na okùn láàárín òpó méjì, kí wọ́n fi aṣọ àlòkù kọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ kọnkéré, kí wọ́n tẹ́ tápólì tàbí ẹní, torí ìdí àti àtẹ́lẹwọ́ ni yóò máa wọ́ nílẹ̀.

Òfin kan ló gbé eré náà dúró: nígbà tí ọwọ́ bá kan bọ́ọ̀lù, ìdí gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, tàbí ó kéré tán, ibì kan láàárín ìdí sí èjìká. Ibí yìí gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Àwọn mẹ́tàlá tí ẹsẹ̀ wọn dá ṣáṣá, bí bọ́ọ̀lù bá ti ga díẹ̀, wọ́n á gbé ìdí sókè láìmọ̀. Olùkọ́ tó ń wo bọ́ọ̀lù kò ní rí i. Ìdí ni kó máa wò, kó sì fọn fèrè lójú ẹsẹ̀. Tó bá gbójú fò ó, láìpẹ́ wọ́n á ti wà lórí eékún, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn á sì tún padà di òǹwòran.

Àmọ́ tí òfin yìí bá múlẹ̀, ọwọ́ á wá ní iṣẹ́ méjì: òun ló ń wọ́ ara kiri, òun náà ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ti ń fi ọ̀pá rìn láti kékeré sì sábà máa ń ní agbára lápá. Nígbà tí àwọn yòókù bá ṣì ń wá bí wọ́n ṣe máa yí ara padà, òun ti débẹ̀.

Ohun kan wà láti ṣọ́ra fún. Bí ọmọ kan bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tí kò sì lè sọ̀ kalẹ̀, ẹ má fi í sáàárín àwọn tó jókòó sílẹ̀, torí táyà lè gun ìka wọn. Ẹ fún un ní igun tirẹ̀, kó ti bíréèkì pa, kí ẹlòmíràn má wọ ibẹ̀.

[Ohùn: bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé ń yí lórí kọnkéré, ó ń dún wàràwàrà.]

OLÙSỌ: Ìró tí ẹ gbọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù fólí lásán ni. Wọ́n fi láílọ́ọ̀nù ọjà wé e, wọ́n sì so ẹnu rẹ̀ le. Ẹni tí kò ríran lè gbọ́ ibi tó ń bọ̀. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù kan náà bá gba òkè kọjá, ìró rẹ̀ kì í tó nǹkan, kí etí sì tó mọ ibi tó wà, ó ti kọjá lórí. Ìdí nìyẹn tí jíjókòó nìkan kò fi yanjú ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò ríran.

Àwọn ará Japan ti rí ọ̀nà àbáyọ sí i. Wọ́n gbé nẹ́ẹ̀tì sókè kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30, bọ́ọ̀lù sì ń yí gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ènìyàn mẹ́fà ló wà lápá kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́ta tó wà níwájú fi nǹkan bojú, àtẹni tó ríran àtẹni tí kò ríran. Àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ń lo ojú tí wọ́n ní, wọ́n sì ń fi ẹnu darí àwọn tó wà níwájú.

Nínú kíláàsì tiwa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣẹ́kù: mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Ọmọ tí kò ríran wà níwájú. Ẹni tó ń fi ọ̀pá méjì rìn náà wà níwájú, ní ìjókòó, ọ̀pá rẹ̀ ti kúrò lórí pápá. Àfín wà lẹ́yìn, kó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn tàbí kó wà lábẹ́ ibòòji, kí láílọ́ọ̀nù bọ́ọ̀lù sì jẹ́ àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti ilẹ̀: dúdú lórí kọnkéré, funfun lórí ilẹ̀ pupa.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ na okùn tín-ínrín sórí ìlà pápá, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn lórí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí kò ríran fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tọ okùn náà yí pápá ká, kó fọwọ́ kan òpó àti etí ìsàlẹ̀ nẹ́ẹ̀tì. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kọ́ ọ bí a ṣe ń na apá, kí òun fúnra rẹ̀ na tirẹ̀, kí ọmọ náà fọwọ́ tọ́ ọ wò. Tó bá jẹ́ pé olùkọ́ ló fẹ́ gbá ọmọ lápá mú, kó kọ́kọ́ béèrè.

[Ohùn: ọmọdé mẹ́fà, méje ń pariwo pọ̀: “Ọ̀tún! Òsì! Síwájú! Òun nìyẹn!”]

OLÙSỌ: Ẹ gbọ́ nǹkan tó sábà ń da eré yìí rú. Gbogbo wọn fẹ́ ran ọ̀rẹ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti pariwo bo bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Ojú ọmọ tí kò ríran la fi ń mọ̀: tó bá ń yí ojú sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dípò ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà bọ̀, ariwo ti pọ̀ jù. Ohùn kan ṣoṣo ni kó máa darí apá kọ̀ọ̀kan, kó sì dákẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá ti súnmọ́.

[Ohùn: fèrè. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. “Ọ̀tún díẹ̀.” Bọ́ọ̀lù ń yí. Apá kan bọ́ọ̀lù: pà!]

OLÙSỌ: Báwo ni olùkọ́ ṣe máa mọ̀ bóyá ó yọrí? Kó má wo ayò. Kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún ka iye ìgbà tí ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan kan bọ́ọ̀lù. Bí mẹ́tàlá yòókù bá gbá a ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ-mẹ́jọ, tí ọmọ tí kò ríran gbá a lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń nawọ́ kọjá níwájú rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ fi okùn pààlà sí iwájú, kí oníkálukú mọ tirẹ̀, kó sì tún kà á.

Ètò àkànṣe wa nìyẹn lónìí. Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, tápólì, okùn, téèpù àti láílọ́ọ̀nù kan tó fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dìgbà o.

[Ohùn: orin ìparí ètò.]