Mọ́tò Ọjọ́ Ìlú: Bá A Ṣe Máa Ṣe É Lọ́ṣọ̀ọ́ Láì Kó Bá Dẹ́rẹ́bà

 

Ọ̀rọ̀ mọ́tò tá a máa fi yí ìlú ká ni wọ́n ní kí n sọ. Kí n tó wọ inú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Táwa ọ̀dọ́ bá fi aṣọ bo nọ́ńbà mọ́tò, tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì dá mọ́tò náà dúró, orúkọ dẹ́rẹ́bà ni wọ́n máa kọ sínú ìwé, kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ wa. Tí wọ́n bá wá gba mọ́tò náà sílẹ̀, àwa á padà sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun ò ní rí nǹkan fi ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká gbà pé dẹ́rẹ́bà ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ohun tá a bá so mọ́ mọ́tò ẹ̀. Tó bá ní ká tú u, ká tú u, ká má bá a jiyàn.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ gbogbo mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká mú kòròpé kan ṣoṣo, torí òun ló pọ̀ jù nínú èyí tá a ní, ká yí i ká láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Téèpù kì í mú ara tó tutù tàbí tó ní eruku. Ibi tó bá sì ti fẹ́ já lórí eré ni rẹ́bọ́ọ̀nù ti máa ń fẹ́ wọ abẹ́ táyà.

Iwájú ló kàn. Kí dẹ́rẹ́bà jókòó sáyè ẹ̀, kó má nàró, kó má bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń jókòó gan-an. Kí ẹnì kan dúró níta pẹ̀lú rẹ́bọ́ọ̀nù lọ́wọ́, kó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí dẹ́rẹ́bà bá ti sọ pé, "Mo ti ń rí i," ibẹ̀ ti ga jù. Kòròpé ò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn bíi ti káà, nítorí náà òdòdó ńlá tí wọ́n máa ń gbé síwájú káà ìyàwó ò yẹ ẹ́. Ìsàlẹ̀ gíláàsì ni kí ọ̀ṣọ́ iwájú wà. Ẹ má lẹ fọ́tò kábíyèsí tàbí ti alága mọ́ gíláàsì iwájú. Ẹ̀gbẹ́ ara mọ́tò ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ibẹ̀ láwọn èèyàn ti máa rí i dáadáa pàápàá. Ẹ má so àsíá mọ́ dígí ẹ̀gbẹ́. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ, ojú dígí ló máa bò.

Bákan náà, ojú irin iwájú tí atẹ́gùn ń gbà dé rédíétọ̀, ẹ má fi aṣọ dí i. A ò ní sáré lọ́jọ́ yẹn, a máa rọra rìn nínú oòrùn ni. Ìrìn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná jù, torí atẹ́gùn ò wọlé tó. Tí dẹ́rẹ́bà bá rí i pé ọwọ́ gééjì ooru ń gòkè ju bó ṣe máa ń wà lọ, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó pa ẹ́ńjìnnì. Kẹ́nikẹ́ni má ṣí ìdérí rédíétọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi gbígbóná máa ta síni lójú.

Ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Àṣà wa ni ká fa okùn gba inú ilẹ̀kùn kan jáde sí ìkejì. Ìyẹn léwu gan-an. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, báwo lèèyàn ṣe máa jáde? Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá so gbogbo ẹ̀ tán, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, tó fi mọ́ ti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ rí i pé kò sí èyí tó há. Etí rẹ́bọ́ọ̀nù tó bá ń jò, ẹ gé e kúrú, kó jìnnà sí táyà tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kó sì jìnnà sí sàlẹ́ńsà, torí pé ó máa ń yọ́, ó sì lè gbaná.

Ẹ̀yìn ló gba sùúrù jù. Òfin ìrìnnà ojú pópó ọdún 2012 ò fẹ́ kí nọ́ńbà mọ́tò fara sin, bẹ́ẹ̀ sì ni iná gbọ́dọ̀ hàn. Kí ẹnì kan dúró ní ìṣísẹ̀ 20 sẹ́yìn mọ́tò, kó ka nọ́ńbà náà sókè. Kí dẹ́rẹ́bà tẹ búrèkì, kó tan tirafíkétọ̀ ọ̀tún, kó tan tòsì. Ẹni tó wà lẹ́yìn á máa pe èyí tó rí. Èyí tí kò bá pè, ọ̀ṣọ́ ti bò ó nìyẹn. Ọ̀rá aláràbarà lórí iná, ẹ má dán an wò, ó máa yí àwọ̀ iná búrèkì padà.

Ẹ̀yin ọ̀gá awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín hásáàdì kù. Tí iná méjèèjì bá ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó wà lẹ́yìn yín ò ní mọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà.

Àwọn kan ti ní àwọn fẹ́ so iná wáyà, torí alẹ́ máa lẹ́ bá wa. Kò burú, àmọ́ ẹ ka ohun tó wà lára páálí ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ wátì 60, ẹ fi fólítì 12 ti bátìrì pín in, ámpíà 5 ló máa fà. Tí fíúùsì ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ fa iná bá jẹ́ 10, ó gbé ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ ti kún un délẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta á jó o. Tí fíúùsì bá jó, ẹ yọ iná náà kúrò. Ẹni tó bá fi wáyà tàbí bébà sìgá dí ojú fíúùsì, inú wáyà mọ́tò ni iná ti máa ràn. Iná aláwọ̀ búlúù àti pupa tó ń ṣẹ́jú ò sí fún wa, ti ọlọ́pàá àti ọkọ̀ pàjáwìrì nìyẹn. Sàìrín náà ńkọ́, ká fi í sílẹ̀.

Fèrè tá a máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ẹ má kó o sínú mọ́tò. Oòrùn máa mú un bú gbàù létí dẹ́rẹ́bà, ó sì máa dí dígí tó fi ń wẹ̀yìn. Níta náà, ibi tí kò lè fẹ́ wá sójú gíláàsì ni kẹ́ ẹ so ó mọ́.

Ní ti àwa ọ̀dọ́ fúnra wa, kò sí ẹni tó máa jókòó sórí òrùlé, kò sí ẹni tó máa gbé ìdí sójú fèrèsé. Àwa kọ́ ni ọ̀ṣọ́ mọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ jó, kó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ààfin, a máa dúró níbẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ká tó gbéra, kí mọ́tò kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ lọ sí òpin àdúgbò, kó padà. Ohun tó bá tú, a máa tún un so tàbí ká já a dànù. Lẹ́yìn ayẹyẹ, àwa tá a so ó la máa tú u nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, torí téèpù tó bá sùn mọ́ ara mọ́tò tí oòrùn sì tún pa, ọ̀dà ló máa ń ṣí lọ. Dẹ́rẹ́bà tó fi mọ́tò ẹ̀ dá wa lọ́lá, kó bá a bó ṣe gbé e wá.

Mo ti fi orúkọ àwọn tó máa dúró ti mọ́tò kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sórí gúrúùpù. Ẹ wo tiyín.