Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Lè Fi Ṣiṣẹ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Olùkọ́ ní Òfíkì

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo bá wá kò pọ̀: ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sínú ìwé ọmọ, iṣẹ́ ni kí ó gbé lé ọmọ náà lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé ọmọ kíláàsì kẹta kan. Ó gba 68 − 25 = 43, ó sì gba 97 − 34 = 63. Ṣùgbọ́n ó kọ 52 − 27 = 35, 63 − 28 = 45 àti 71 − 46 = 35. Tíṣà fi bíírò pupa fa igi mẹ́ta, ó kọ 2/5, ó wá fi “Múra sí i” tì í. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí ti múra. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe lẹ́ẹ̀mẹta: níbi tí ẹyọ òkè kò bá ti tó ti ìsàlẹ̀, ó ń yí i po, ó ń yọ kékeré nínú ńlá.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ nìyí: “Méjì àkọ́kọ́ tọ̀nà. Nínú 52 − 27, 2 kò tó yọ 7. Yá ẹ̀wá kan lára 50, kí 2 di 12. Tún mẹ́ta yòókù ṣe.” Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọmọ tí kò lóye ohun tí a kọ kò lè fi tún nǹkan kan ṣe.

Ẹ má sì kọ máàkì sí i lọ́jọ́ náà. Ní 1988, Ruth Butler ṣèwádìí lára àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ísírẹ́lì. Àwọn tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nìkan fún tẹ̀síwájú. Àwọn tí wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú máàkì kò jèrè ọ̀rọ̀ náà, torí máàkì ni ojú wọn lọ bá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 10 láti ṣe àtúnṣe. Nítorí ọmọ lè wo ti ẹlòmíràn kọ, ẹ fi 81 − 36 dán an wò. Bí ó bá kọ 45, ó ti yé e. Bí ó bá kọ 55, àṣìṣe àná ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ìwé kò sì tó mọ́. Ẹ pè é, kí ó di igi ìgbálẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìdì kan.

Bí kíláàsì bá ní ọmọ 50, ìwé mẹ́wàá lójúmọ́ ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti kárí. Ṣùgbọ́n bí ìdajì kíláàsì bá ṣe àṣìṣe kan náà, ẹ gbé bíírò sílẹ̀, kí ẹ padà sójú pátákó: ẹ̀kọ́ náà ló yẹ kí a tún kọ́.