Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta, Ohùn Mẹ́ta: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Àwọn Ẹ̀rọ Tí Ń Wádìí Ẹni Tó Kọ Ìwé



Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ó gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí àwọn oníṣòwò ọjà Mushin, tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, lọ sí ilé onítáípù kan ní ọ̀nà Akọkà, kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò jọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lójú olùkọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ̀rọ kìíní ní 12 nínú 100, èkejì ní 64, ẹ̀kẹta ní 98. Ìwé kan náà ni, kò sí àmì kan tí ó yí padà nínú rẹ̀.

Bí mo bá wí pé “agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá,” tí mo sì dákẹ́, gbogbo yín ni ẹ ó gbè é pé “àgbà òṣìkà ni,” nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó kàn kò ṣàjèjì sí yín. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe ń kàwé: ní orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ a bi ara rẹ̀ bóyá òun ìbá ti mọ̀ ọ́n kí ó tó dé, bí ó bá sì rí i pé kò sí ohun tí ó ya òun lẹ́nu láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ní kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí etí ti ń retí ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń yàn. Ṣùgbọ́n etí ò dọ́gba. Ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ ní Mushin àti èyí tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò lè parí òwe bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ kan kọ́ ni wọ́n fi kọ́ èkejì.

Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ló sì ń pinnu ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo olè: ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀daràn kan bọ́ a tètè pariwo, ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀sùn èké ń bà a fara balẹ̀. Nọ́ńbà pàápàá kò sọ ohun kan náà. Ní Turnitin, 64 ń sọ pé apá 64 nínú 100 ìwé náà ló jọ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Níbòmíràn, 98 ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti dá ẹ̀rọ lójú tó. Ẹni tí ó bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí ó pín in sí mẹ́ta, tí ó sì kéde 58, ó ti fi kóńgò gàrí wọn aṣọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí wọ́n bá wá fohùn ṣọ̀kan ńkọ́? Ní ọdún 2023, Weixin Liang, James Zou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Stanford kó àròkọ 91, tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL, sínú ẹ̀rọ 7. Ọwọ́ ènìyàn ló kọ gbogbo wọn; síbẹ̀, 89 ni ẹ̀rọ kan, ó kéré tán, pè ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, 18 sì ni méjèèje pa ẹnu pọ̀ dá lẹ́bi. Ẹni tí ó fi ilé ìwé kọ́ Gẹ̀ẹ́sì a máa rìn lójú ọ̀nà tí ó mọ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó dá a lójú, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ẹ̀rọ náà ti ń kọsẹ̀. Ẹlẹ́rìí méje tí wọ́n gbọ́ ìròyìn lẹ́nu ẹnìkan, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ohun tí ó yẹ kí a bi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí a tó gba nọ́ńbà rẹ̀, ni iye ìgbà tí ó ń fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ OpenAI gbé ẹ̀rọ aṣàyẹ̀wò tirẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé 26 péré nínú 100 ìwé kọ̀ǹpútà ni ó ń mú, tí ó sì ń mú 9 nínú 100 ìwé ènìyàn mọ́ ọn. Ẹ bá mi fi wọn ìwé 1,000 tí kọ̀ǹpútà kọ 100 nínú wọn: ẹ̀rọ náà yóò mú 26 nínú 100 yìí, yóò sì mú 81 nínú 900 ìyókù, tí ó já sí pé nínú 107 tí a kó wá síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, ẹni tí ó jẹ̀bi kò tó ìdá mẹ́ta. Kí oṣù keje ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà kúrò nílẹ̀.

Bí mo bá jẹ́ olùkọ́ ọmọbìnrin wa, èmi yóò kọ́kọ́ wo ìpínrọ̀ tí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn. Bí ó bá jẹ́ ibi tí ó ti ń ṣàlàyé bí ó ṣe yan àwọn tí ó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni, mo mọ̀ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ ibẹ̀ bákan náà, n kò sì ní kà á sí. Lẹ́yìn náà ni n ó wá ẹ̀rí tí kò bá ẹ̀rọ pín àṣìṣe: àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dà ìṣáájú tí Google Docs ń tọ́jú pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, ìwé àjákọ rẹ̀, àti ẹnu òun fúnra rẹ̀. N ó bi í pé nínú àwọn oníṣòwò tí ó tọ̀ lọ ní ọjà Mushin, àwọn wo ló kọ̀ láti dáhùn, kí ló sì ṣe sí àyè wọn nínú àtẹ rẹ̀. Èsì yẹn ni n ó kọ sínú ìwé ìgbìmọ̀ ṣáájú, kí n tó kọ 12, 64 àti 98, kálukú pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀ àti ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ ń wọ̀n.