Ẹ̀sùn Tí Ó Béèrè Ohun Kan Pàtó

Ọ̀rọ̀ òfin tí mo gbé wá lónìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà lọ́wọ́ alágbàtà láti fi ṣiṣẹ́ ajé, ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, ẹ̀yin alásè, ẹ̀yin aránṣọ. Bí ọjà bá bàjẹ́, ẹ kì í dákẹ́. Ẹ ó pe alágbàtà, ẹ ó fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù, ẹ ó rò ó títí ẹnu á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Síbẹ̀ owó kì í padà. Ohun tí mo sábà máa ń rí nídìí rẹ̀ ni pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, kò síbi tí a ti sọ iye tí a ń béèrè àti ọjọ́ tí a fẹ́ gbà á.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá oníbúrẹ́dì kan ní Ìkòròdú ṣe àpẹẹrẹ. Ó ra àpò fúláwà 20 lọ́wọ́ Àlájì kan. Nígbà tí ó lo àpò àkọ́kọ́, búrẹ́dì náà kò wú, ó sì ń rùn. Inú bí i, ó gbé fóònù, ó ní: “Àlájì, Ọlọ́run rí yín sí ohun tí ẹ ṣe fún mi yìí. Ṣé nítorí pé mo jẹ́ obìnrin lẹ ṣe ń rẹ́ mi jẹ? Ó pẹ́ tí mo ti ń fara dà á fún yín. Ọmọ yín tí ó wa ọkọ̀ wá tún bú mi lójú àwọn òṣìṣẹ́ mi. Fúláwà yín bàjẹ́, iléèwé tí mo ń ṣe búrẹ́dì fún ti bínú. Olè ni yín! Màá kó ọlọ́pàá wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù.”

Ìbínú rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èsì Àlájì: “Ẹ má bínú, ìyá. Màá bá ọmọ náà wí.” Ó ti dáhùn. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kó síwájú rẹ̀, èyí tí kò ní ná an ní kọ́bọ̀ ló mú. Ìyá wa fúnra rẹ̀ ló fún un láyè láti ṣa èyí tó wù ú.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà níbẹ̀ tí ó lè pa ìyá lára. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala kejìlélọ́gbọ̀n, sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ọjà tí ó bàjẹ́ kì í ṣe olè jíjà àyàfi tí ẹ̀rí jìbìtì bá wà. Bí ìyá bá gbé ọ̀rọ̀ “olè” yẹn sórí Wasáàpù ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì, Àlájì náà lè di ẹni tí ń pè é lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn a tún máa halẹ̀ pé àwọn á lọ sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà. Àjọ gidi ni, òfin tí orúkọ rẹ̀ gbé ọdún 2018 ló dá a sílẹ̀. Ẹni tí ó ra fúláwà láti fi dín pọfupọ́ọ̀fù fún àwọn ọmọ rẹ̀ nílé lè lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtumọ̀ tí òfin náà fún oníbàárà, ó yọ ẹni tí ó ra nǹkan láti fi ṣe ọjà mìíràn fún títà kúrò. Oníbúrẹ́dì wa bọ́ sínú ìyẹn. Òfin tí ó dì mú ni òfin ọjà títà ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893. Òfin yìí ní kí ọjà tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí ń ta irú rẹ̀ dára tó ohun tí a lè tà tí a sì lè lò. Ẹ̀tọ́ ńlá nìyẹn, kò sì nílò ariwo.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ ìyá kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ la ó kọ́kọ́ sọ. Ìdánwò tí mo fi ń yẹ gbólóhùn wò níbí ni pé kí Àlájì lè sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” sí i. “Ẹ ń rẹ́ mi jẹ” kò yege. “Mo san ₦1,200,000 sí àkáǹtì yín ní ọjọ́ Ajé” yege, nítorí pé ìwé báǹkì wà. Ọjọ́ tí a sanwó, iye àpò, iye owó àpò kan, ọjọ́ tí ọjà dé, ọjọ́ tí a ṣí i àti ohun tí a rí la ó kọ. Ẹ má sọ pé fúláwà “bàjẹ́” lásán. Ẹ sọ pé ó ti dì mọ́ra bí òkúta, pé kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀, pé ó ń rùn bí ohun tí ó ti bu. Kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ mọ: àpò 6 nínú 20 ni ó rí bẹ́ẹ̀, 14 dára. Àwọn kan á rò pé bí àwọn bá jẹ́wọ́ pé 14 dára, ẹjọ́ wọn á fúyẹ́. Ó tì o. Ìgbà tí Àlájì bá rí i pé ẹ kò sọ àsọdùn ni yóò mọ̀ pé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín.

Ìyá ti fọwọ́ sí ìwé pé òun gba ọjà, kò sì tíì ṣí àpò kankan nígbà náà. Kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Òfin kò gbà pé ènìyàn ti tẹ́wọ́ gba ọjà pátápátá kí ó tó ní àyè tí ó tọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí òfin kò fara mọ́ ni kí a rí àbùkù, kí a wá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a sì máa lo ọjà náà lọ. Nítorí náà ọjọ́ tí ìyá rí i gan-an ni kó kọ̀wé.

Ọṣẹ́ tí ó ṣe ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ sí. Ní ọdún 1854, ilé ẹjọ́ kan ní England gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọlọ́lọ ọkà kan ní Gloucester. Irin ẹ̀rọ ọlọ wọn kán, wọ́n fún àwọn akẹ́rù láti gbé e lọ, àwọn yẹn fi falẹ̀, ọlọ sì dúró. Wọ́n béèrè èrè tí wọ́n pàdánù. Ilé ẹjọ́ kò gbà, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí akẹ́rù mọ̀ pé ọlọ kò ní lè ṣiṣẹ́ títí irin náà á fi dé. Ìlànà yẹn làwọn adájọ́ wa ṣì ń tẹ̀ lé: àdánù tí ó máa ń tẹ̀ lé irú àìṣedéédéé bẹ́ẹ̀, tàbí èyí tí ẹni méjèèjì ti mọ̀ nígbà àdéhùn, ni a lè gba owó lé lórí.

Ìyá wa rí nǹkan dì mú. Nígbà tí ó ń sanwó lọ́jọ́ Ajé, ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé iléèwé kan fẹ́ gba búrẹ́dì ₦150,000 lọ́wọ́ òun ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Àlájì mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ₦150,000 ni ìyá máa béèrè, nítorí pé ìnáwó wà nínú rẹ̀. Fúláwà àpò kan, ₦60,000. Ṣúgà, yíìsì, bọ́tà àti àwọn èlò yòókù, ₦42,000. Ọkọ̀ tí ì bá gbé búrẹ́dì lọ, ₦8,000. Èrè rẹ̀ ku ₦40,000. Èrè yẹn ló máa béèrè, pẹ̀lú owó èlò tí ó ṣòfò. Owó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí pé kò ná an.

Àlájì lè bi í pé, “Ṣebí àpò 14 dára, kí ló dé tí ẹ kò fi ìkan nínú wọn po òmíràn?” Ìbéèrè gidi ni, nítorí òfin ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sapá láti má ṣe jẹ́ kí àdánù náà pọ̀. Ìdáhùn ìyá ni pé aago mẹ́rin ìdájí ni búrẹ́dì jáde nínú ààrò, aago méje ni iléèwé fẹ́ gbà á, kò sì sí àkókò tí ìyẹ̀fun tuntun lè fi wú. Ká ní ọjọ́ Ẹtì ni iléèwé fẹ́ búrẹ́dì, ìyá kò ní rí èrè yẹn gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí a fẹ́. Nítorí pé ìyá ti gba àpò yòókù, tí ó sì ń lò wọ́n, owó ni ilé ẹjọ́ sábà máa ní kí wọ́n san fún un. Àlájì lè fẹ́ fi fúláwà dípò, nítorí pé fúláwà ni ó ní. Ẹ fún un ní ọ̀nà méjèèjì, kí ẹ sì dá ọjọ́. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nígbà tí ìyá tún un kọ:

“Ẹ káàsán, Àlájì. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 7 oṣù keje, mo san ₦1,200,000 sí àkáǹtì yín fún àpò fúláwà 20. Wọ́n já a fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fọwọ́ sí ìwé láìtíì ṣí i. Lónìí Ọjọ́rú, mo lo àpò kan, búrẹ́dì rẹ̀ kò wú, ó ń rùn. Mo wá ṣí gbogbo ìyókù. Márùn-ún mìíràn ti dì, kòkòrò wà nínú wọn. Mo fi fọ́tò wọn àti nọ́ńbà ara àpò ránṣẹ́. Èlò ₦42,000 ṣòfò, mo sì pàdánù èrè ₦40,000 lórí búrẹ́dì iléèwé tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ Ajé. Mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní àpò 6 tí ó dára, pẹ̀lú ₦82,000, tàbí kí ẹ dá ₦442,000 padà, kí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14, tó ṣú. Àwọn àpò náà wà lọ́tọ̀, ẹ lè wá wò wọ́n. Ẹ ṣeun, sà.”

Ọ̀rọ̀ awakọ̀ tí ó bú u kò sí níbẹ̀. Ó dùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ó bá Àlájì sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn, nítorí pé bí ó bá wà níbí, òun ni Àlájì á tún dáhùn.

Kí ìyá má da àwọn àpò náà nù, kí ó má sì lo èyíkéyìí nínú wọn. Bí Àlájì bá pè é lórí fóònù tí ó ṣèlérí, kí ó tẹ ìlérí náà ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: “Àlájì, ẹ sọ báyìí pé ẹ ó gbé àpò 6 wá lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ó sì san ₦82,000.” Bí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí nǹkan kan, ilé ẹjọ́ ẹ̀sùn kéékèèké wà ní Èkó láti ọdún 2018, fún owó tí iye rẹ̀ dájú tí kò sì ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ẹni tí ó fẹ́ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní ìwé tí ó fi béèrè owó, lórí fọ́ọ̀mù tí ilé ẹjọ́ náà ṣe fún un. Gbogbo ohun tí ìyá máa kọ sínú fọ́ọ̀mù náà, láti orí ọjọ́ dé orí iye owó, ti wà nínú ọ̀rọ̀ tí ó fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́rú.