Igba Ebè Lójúmọ́: Bí A Ti Í Bẹ̀rẹ̀ Àpilẹ̀kọ Tí Ó Tóbi Jù Lójú Ẹni

Ọ̀rọ̀ tí a pè mí láti sọ ní àṣálẹ́ yìí ni ti ìwà fòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la. Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni èmi yóò mú: ti ẹni tí ó fi orúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé, tí ó ní láti kọ àpilẹ̀kọ tí ó gùn tó 60,000 ọ̀rọ̀, tí iṣẹ́ náà sì tóbi lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè fi ọwọ́ kàn án.

Kí ọ̀rọ̀ wa má ba à di ti afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan. Olùkọ́ ni, ó lọ́kọ, ó sì bí ọmọ mẹ́ta. Ìwádìí rẹ̀ jẹ́ ti ìtàn, lórí Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Dìsẹ́ńbà, 1859, tí ó sì ń jáde títí di 1867, nígbà tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kúrò ní ìlú. Ọdún méjì ni obìnrin yìí ti fi ń kàwé. Ìwé àjákọ rẹ̀ kún àpótí. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́dọọdún, ọdún méjì péré ni ó kù nínú àkókò tí a dá fún un, kò sì tí ì kọ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ má ṣe yára pè é ní ọ̀lẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń jí, ó ń dáná, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò títí alẹ́. Ohun tí ó dè é mọ́lẹ̀ yàtọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá jókòó láti kọ̀wé, ẹ̀rù á bà á: ó ń ronú nípa gbogbo 60,000 ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan náà, àti nípa ojú tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yóò fi wò wọ́n. Bí ó bá wá sọ pé, "Ó di ọ̀la," ara rẹ̀ á fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìfúyẹ́ ara náà ni owó iṣẹ́ tí ìfàsẹ́yìn ń san fún un. Ohun tí a bá sì ń gba owó lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, kò pẹ́ tí í fi í di bárakú. Nítorí náà, bíbá ara ẹni wí kò wo àrùn yìí sàn. Ṣe ni ó ń fi kún ẹ̀rù. Ohun tí ó ń wò ó ni kí a gé iṣẹ́ náà kéré dé ibi tí kò ti lè ba ènìyàn lẹ́rù mọ́.

Ẹ wo àgbẹ̀. Bí ó bá dé iwájú igbó tí ó fẹ́ sọ di oko, kì í sọ pé òun yóò kọ gbogbo ilẹ̀ náà lónìí. Igba ebè ni ó ń wọ̀n fún ara rẹ̀. Bí ó bá kọ igba ebè tán, ó di ilé. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n kan náà fún akọ̀wé wa: igba ọ̀rọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìyẹn kò ju ìdajì ojú-ìwé kan lọ. Ó di 1,000 ọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀, ó sì di 60,000 ní ọgọ́ta ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó wà nínú ọdún méjì ju ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, ju ogójì ọ̀sẹ̀ lọ ni yóò ṣẹ́ kù fún àtúnṣe. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí í kọ ebè káàkiri láìmọ ààlà. Iṣẹ́ ọjọ́ kìíní ni kí obìnrin wa kọ ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ fẹ́ dáhùn sínú gbólóhùn kan, kí ó sì to orúkọ àwọn orí sí ojú-ìwé kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò yí wọn padà lẹ́yìn. Umberto Eco, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì, fi irú ìmọ̀ràn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1977: pé kí wọn kọ́kọ́ to àwọn orí, nítorí ètò náà dàbí àwòrán ọ̀nà fún ẹni tí ó fẹ́ rin ìrìn àjò. Orí márùn-ún ni obìnrin wa tò. Ẹ̀kẹta nínú wọn jẹ́ ti Ogun Ìjàyè, tí a jà láti 1860 sí 1862, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ti gbè sẹ́yìn Ìjàyè láti dojú kọ Ìbàdàn. Ìbéèrè orí náà dára: báwo ni ìwé ìròyìn tí a ń tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ṣe ròyìn ogun tí àwọn ará ìlú náà ń jà?

Orí kan sì tún tóbi jù fún ìjókòó kan. Ó ní láti gé e sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi kan ohun tí ọwọ́ lè ṣe. "Kọ orí kẹta" kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́. "Ka ohun tí Ìwé Ìròhìn sọ nípa bí ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀" kò tí ì tó, nítorí kíkà kò lópin. Ṣùgbọ́n "mú ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó jáde ní 1860, kí o sì kọ igba ọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó sọ nípa ogun náà, ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá, àti ohun tí kò sọ," iṣẹ́ òòjọ́ nìyẹn. Bí a ti í mọ̀ ọ́n ni pé ó ṣe é parí nínú ìjókòó kan, a sì mọ ìgbà tí ó parí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àárín ni a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí kìíní. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti fi oṣù mẹ́fà jókòó ti ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ta ni í fi àlejò tí kò tí ì dé han ará ilé? Ibi tí ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ ẹni ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a sì fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìgbẹ̀yìn.

Nísinsìnyí, ó ku ìgbà àti ibi. Ní 1997, Peter Gollwitzer àti Veronika Brandstätter, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní Jámánì, sọ ìdánwò kan tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kí wọn kọ ìròyìn kékeré nípa bí wọ́n ṣe lo alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, láàárín ọjọ́ méjì. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn sọ ṣáájú, pàtó, ibi tí wọn yóò jókòó sí àti ìgbà tí wọn yóò kọ ọ́. Wọn kò bi apá kejì. Nínú àwọn tí ó dá ibi àti ìgbà, bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó kọ ọ́ ní àkókò. Nínú àwọn tó kù, bí ọ̀kan nínú mẹ́ta ni. Òótọ́ ni pé ìròyìn kékeré kì í ṣe àpilẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí a fi sọ àpilẹ̀kọ di ìròyìn kékeré lójoojúmọ́. Nítorí náà, obìnrin wa kò sọ pé, "N ó máa kọ̀wé bí àyè bá ṣí sílẹ̀." Ó sọ pé, "Bí mo bá ti fọ abọ́ alẹ́ tán, n ó jókòó ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, n ó sì kọ igba ọ̀rọ̀."

Ẹnìkan lè wí pé, "Bí ẹ̀mí ìkọ̀wé kò bá bà lé mi ńkọ́?" Robert Boice dán èyí wò láàárín olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga 27 ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1983. Ó ní kí apá kan máa kọ kìkì ìgbà tí ọkàn wọn bá fẹ́. Ó fi apá kejì sábẹ́ àdéhùn pé bí wọn kò bá kọ iye tí a dá, owó wọn yóò lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n kórìíra. Ojú-ìwé tí àwọn tí ó wà lábẹ́ àdéhùn kọ ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn kejì lọ. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé èrò tuntun tí ó sọ sí wọn lọ́kàn tó ìlọ́po méjì. Àwọn ènìyàn náà kò pọ̀, a kò sì lè fi wọ́n ṣe òfin fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé kíkọ ni ó ń pe èrò wá, kì í ṣe pé èrò ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ètò yìí máa ń gbà bàjẹ́. Èkíní ni àtúnṣe lójú ẹsẹ̀: ó kọ gbólóhùn kan, ó pa á, ó tún un kọ, alẹ́ sì lọ. Kí ó fa ìlà sí abẹ́ ohun tí kò dára, kí ó sì máa lọ. Àkókò àtúnṣe wà níwájú. Èkejì ni gbèsè: ọjọ́ kan yẹ̀, ó sì ní òun yóò kọ irinwó ọ̀rọ̀ lọ́la, lọ́la irinwó á tún dẹ́rù bà á, á sì di ẹgbẹ̀ta. Ọjọ́ tí ó bá yẹ̀ ti lọ. Igba náà ni ti òní. Ẹ̀kẹta, tí ó fara sin jù, ni kíkàwé láti sá fún kíkọ̀wé. A ó mọ̀ ọ́n báyìí: lẹ́yìn tí o bá ti kàwé fún wákàtí kan, pa ìwé dé, kí o sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ kọ ìlà márùn-ún lórí ohun tí ó sọ sí ìbéèrè rẹ. Bí o kò bá lè kọ ọ́, tàbí tí o kò fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ibi ìsápamọ́ ni ìwé náà jẹ́ fún ọ.

Ètò yìí kò sì lè wo ohun gbogbo. Bí ènìyàn bá ti fi òtítọ́ jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó kéré tó báyìí, tí ọ̀rọ̀ kò sì jáde, ó ṣeé ṣe kí àléébù wà nínú ìbéèrè fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ̀rí má tó. Kí ó mú ìwọ̀nba tí ó ti kọ lọ bá olùkọ́ tí ń tọ́ ọ sọ́nà, bí kò tilẹ̀ dán mọ́rán, nítorí olùkọ́ kò lè tún òfìfo ṣe. Bí oorun bá sì dá, tí oúnjẹ kò wọ ọ̀nà ọ̀fun, tí ayé sì sú u, ọ̀rọ̀ dókítà ni, kì í ṣe ti igba ebè.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọkọ, ìyàwó, tàbí òbí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ẹ má ṣe máa bi í léèrè pé, "Ìgbà wo ni ìwé ńlá yẹn yóò parí?" Ìbéèrè náà ń gbé gbogbo igbó padà síwájú rẹ̀. Ẹ bi í pé, "Ǹjẹ́ o ti kọ igba tòní?" Bí ó bá sì ti jókòó ti tábìlì rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìdajì wákàtí.